Ìjọba Jẹ Gbèsè, Ilé Ẹjọ́ Dá A Lẹ́bi: Kí Ló Dé Tí Owó Ò Tíì Jáde?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìròyìn gbòde pé ilé ẹjọ́ kan ní Párìsì ti fún ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Zhongshan láṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé bàálù mẹ́ta tó jẹ́ ti ìjọba Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Àwọn kan ń bèèrè pé, “Ta ló lè pe odidi orílẹ̀-èdè lẹ́jọ́?” Àwọn mìíràn ní, “Bí wọ́n bá lè mú bàálù, kí ló ní kí wọ́n má lọ ta ilé iṣẹ́ aṣojú wa tó wà níbẹ̀?”

Ìbéèrè méjèèjì ló bọ́gbọ́n mu. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé a máa ń lọ́ wọn pọ̀ bí ẹni pé ìdáhùn kan náà ni wọ́n ní. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilẹ̀kùn méjì ni ẹni tí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè jẹ lówó gbọ́dọ̀ gbà kọjá, kọ́kọ́rọ́ wọn sì yàtọ̀ síra. Ọ̀pọ̀ ló ti ṣí èkíní tí wọ́n sì dúró sẹ́nu èkejì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n là á kó yé wa: kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú tó pe ìjọba tirẹ̀ lẹ́jọ́ nílé ni mo ń sọ. Ìyẹn ní òfin tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni ìgbà tí wọ́n bá pe ìjọba orílẹ̀-èdè kan lẹ́jọ́ níwájú adájọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn.

Kí ni ààbò ìjọba yìí gan-an?

Orúkọ tí àwa ń pe ọba ti sọ gbogbo rẹ̀ tán: kábíyèsí, ẹni tí kò sí ẹni tó lè bi í léèrè. Ohun tí òfin àgbáyé ń pè ní ààbò ìjọba kò jìnnà sí èyí, àyàfi pé kì í ṣe àwọn ará ìlú rẹ̀ ni kò lè bi í léèrè, bí kò ṣe àwọn ọba ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè gbogbo bá jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, adájọ́ èwo nínú wọn ló máa jókòó lórí àga kó máa dá ẹjọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀ wáyé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1812. Àwọn ọkùnrin méjì kan ní ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Exchange. Àwọn ọmọ ogun Faransé gbà á lọ́wọ́ wọn lójú agbami, wọ́n sì sọ ọ́ di ọkọ̀ ogun. Nígbà tó yá, ọkọ̀ yìí kan náà gúnlẹ̀ sí èbúté Philadelphia. Àwọn tó ni ín sáré lọ sílé ẹjọ́ pé, “Ọkọ̀ wa nìyí, ẹ dá a padà fún wa.” Adájọ́ àgbà John Marshall kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tó sọ ni pé ọkọ̀ ogun ọba ilẹ̀ mìíràn tó bá wọ èbúté ní àlàáfíà, ilé ẹjọ́ kò lè nawọ́ sí i.

Fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ mú èrò yìí gùn ju bí Marshall ṣe sọ ọ́ lọ. Wọ́n ní ohunkóhun tí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè bá ṣe, ìbáà ṣe ogun, ìbáà ṣe kátà-kárà, ẹ má pè é lẹ́jọ́. Èyí ni mo máa pè ní ààbò pátápátá.

Kí ló dé tí ààbò pátápátá fi di ààbò oníwọ̀n?

Ọba ló wọ ọjà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba kò ṣe ju ogun jíjà, òfin ṣíṣe àti owó orí gbígbà, ààbò pátápátá kò ni oníṣòwò lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún ogún, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó ń ta epo, ó ń ra àlìkámà, ó ń yá owó ní báńkì ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó bá a dòwò ti kó ẹrù fún un tán, nígbà tí owó bá yẹ ní sísan, ló tó máa gbọ́ pé kábíyèsí ni.

Àwọn ilé ẹjọ́ Bẹ́ljíọ̀mù àti Ítálì ti ń kọ̀ ọ́ tipẹ́. Ní ọdún 1952, lọ́yà ìjọba Amẹ́ríkà kan, Jack Tate, kọ lẹ́tà pé láti ìgbà náà lọ, Amẹ́ríkà á máa pín iṣẹ́ ìjọba sí ọ̀nà méjì. Èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ní tòótọ́, èyí tí kò sí aládàáni tó lè ṣe é, ààbò wà fún un. Èyí tó jẹ́ òwò, èyí tí ìwọ àti èmi náà lè ṣe bí a bá ní owó, kò sí ààbò fún un. Èyí ni ààbò oníwọ̀n. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin ní 1976, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e ní 1978. Ṣáínà, tó rọ̀ mọ́ ààbò pátápátá fún ọ̀pọ̀ ọdún, náà ti ṣe òfin ààbò oníwọ̀n tirẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024.

Báwo ni adájọ́ ṣe ń mọ̀ pé òwò ni?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, ẹjọ́ tó sì là á yé ayé jù lọ jẹ́ ẹjọ́ sìmẹ́ǹtì Nàìjíríà.

Láàárín 1974 sí 1975, owó epo ń wọlé, ìjọba ológun sì fẹ́ kọ́lé, kó ṣe ọ̀nà, kó kọ́ bárékè. Ó bá àwọn olùtajà 68 ṣe àdéhùn 109, sìmẹ́ǹtì tó ju mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ni èbúté Èkó lè já sílẹ̀ lọ́dún. Nígbà tí gbogbo wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ló tò sójú omi tí wọn kò ríbi gúnlẹ̀ sí, owó ìdádúró sì ń gun orí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Ìjọba yí padà ní oṣù Keje ọdún 1975. Ìjọba tuntun ní kí wọ́n dá sìmẹ́ǹtì dúró, ó sì ní kí owó má jáde mọ́ láìgba àṣẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá ni Trendtex, ilé-iṣẹ́ kan láti Suwísálándì. Tọ́ọ̀nù 240,000 ni ìpín tirẹ̀, wọ́n sì ní bárékè ni wọ́n fẹ́ fi kọ́. Trendtex kò gbójú lé ẹnu lásán. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti kọ lẹ́tà ìdánilójú fún un. Lẹ́tà báyìí ni ọ̀pá ìtìlẹ̀yìn òwò láàárín orílẹ̀-èdè: báńkì ń ṣèlérí pé bí ìwé ẹrù bá ti pé pérépéré níwájú òun, òun á san owó, kò kan òun bí olùrà àti olùtajà bá ń jà. Nígbà tí ìwé dé tí owó kò jáde, Trendtex gbé Báńkì Àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń bèèrè ohun tó lé ní mílíọ̀nù 14 dọ́là.

Báńkì dáhùn pé apá kan ìjọba ni òun, kábíyèsí sì ni ìjọba. Adájọ́ àkọ́kọ́ gbà fún un. Ẹjọ́ lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, níbi tí Lord Denning wà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1977, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò pé báńkì yìí dá dúró lábẹ́ òfin, kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba. Denning kò dúró síbẹ̀. Òun àti ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kù ní, ká tiẹ̀ wá sọ pé ẹ̀ka ìjọba ni, òfin àgbáyé ti yí padà, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ̀ka ìjọba bá wọ ọjà àgbáyé lọ ra bàtà tàbí sìmẹ́ǹtì, ó ní, kó tẹ̀ lé òfin ọjà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ bárékè yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni báńkì dì mú. Wọ́n ní sìmẹ́ǹtì àwọn ọmọ ogun ni, ètò ààbò ìlú ni, kí ló tún lè jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ju ìyẹn lọ? Ìdáhùn ilé ẹjọ́ ni pé ohun tí a fẹ́ fi ọjà ṣe kọ́ la máa wò, bí kò ṣe irú ohun tí a ṣe nígbà tí a rà á. Ríra sìmẹ́ǹtì jẹ́ ríra sìmẹ́ǹtì, ìbáà ṣe sójà ló fẹ́ fi kọ́lé, ìbáà ṣe oníṣòwò. Olùtajà kò ní òye ohun tí olùrà ní lọ́kàn, kò sì yẹ kó ní in.

Mo gbà pẹ̀lú Denning níbí. Bó bá jẹ́ pé ìdí tí ìjọba fi ra nǹkan là ń wò, kò sí ẹjọ́ tó lè dúró, nítorí kò sí ohun tí ìjọba ń rà tí kò ní sọ pé nítorí ará ìlú ni. Ìwé ilé ẹ̀kọ́, oògùn, epo, gbogbo rẹ̀ ni. Ẹni tó ń tajà fún ìjọba kò ní mọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ á di àmúwá Ọlọ́run.

Ohun tí ìjọba ṣe, ìyẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Bó bá ti jẹ́ òwò, adájọ́ á gbọ́ ẹjọ́, ó sì lè dá ìjọba lẹ́bi. Ó tún ṣeé ṣe kí ìjọba fúnra rẹ̀ ti ṣí i ṣáájú: bí ó bá ti tọwọ́ bọ̀wé pé bí ìjà bá dé, kí àwọn onílàjà parí rẹ̀, kò lè padà wá sọ pé òun kì í dúró níwájú ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà onílàjà yìí ni Zhongshan gbà.

Mo ti borí lẹ́jọ́. Kí ló kù?

Owó ló kù. Bí ẹni lásán bá jẹ ọ́ ní gbèsè tí ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi, wọ́n lè dí akáǹtì rẹ̀, wọ́n lè ta mọ́tò rẹ̀. Bí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè bá jẹ ọ́, òfin bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì: má fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ́ tirẹ̀, àfi bí o bá lè fi hàn pé nǹkan náà wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1978 yọ oríṣi méjì sílẹ̀: dúkìá tí ìjọba ti kọ̀wé pé kí wọ́n mú, àti dúkìá tí wọ́n ń lò tàbí tí wọ́n fẹ́ lò fún òwò. Ẹ kíyè sí bí ìbéèrè ti yí padà. Ní ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, ohun tí ìjọba ṣe sí ọ là ń wò. Ní èkejì, ọ̀rọ̀ rẹ ti parí, ohun tí wọ́n ń fi dúkìá yìí ṣe lónìí ló kù. Ní èkíní, èrò ọkàn olùrà kò jẹ́ nǹkan kan. Ní èkejì, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn láti fi dúkìá ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹjọ́. Ẹni tí kò bá mú ìyàtọ̀ yìí dání kò ní lóye ìdájọ́ kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí owó náà ti wá pàápàá kò já mọ́ nǹkan. Ní 2012, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí Ìráàkì jẹ lówó. Owó kan wà tó tọ́ sí Ìráàkì lọ́wọ́ báńkì kan, ilé-iṣẹ́ náà sì ní inú òwò ni owó ọ̀hún ti jáde. Àwọn adájọ́ ní ìyẹn kò tó. Ẹ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe. Ìráàkì ní inú àpò ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè òun ló ń lọ, owó kò sì ṣeé mú.

Ṣé akáǹtì ilé iṣẹ́ aṣojú kò ṣeé dí ni?

Ibẹ̀ ni ojú gbogbo olówó, ìyẹn ẹni tí ìjọba jẹ lówó, kọ́kọ́ máa ń lọ, torí owó wà níbẹ̀ ní gbangba, nínú báńkì tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ẹnì kan débẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Alcom ta ọjà fún ìjọba Kòlóńbíà, wọn kò sanwó. Alcom gba ìdájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́yà rẹ̀ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ lé báńkì tí ilé iṣẹ́ aṣojú Kòlóńbíà ń lò lọ́wọ́: gbogbo ohun tó wà nínú akáǹtì yìí, ẹ dì í mú. Báńkì dì í. Ní ọjọ́ yẹn, ìwé sọ̀wédowó ilé iṣẹ́ aṣojú kò lè kọjá mọ́, yálà ti owó oṣù òṣìṣẹ́ ni o tàbí ti iná mànàmáná.

Alcom ní kí ni wọ́n ń fi owó yìí ṣe bí kò ṣe pé wọ́n ń ra nǹkan, tí wọ́n ń san owó iṣẹ́? Ṣé òwò kọ́ nìyẹn? Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tiẹ̀ gbà fún un. Ṣùgbọ́n ní 1984, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yí i padà. Lord Diplock ṣàlàyé pé akáǹtì kan ṣoṣo ni, owó inú rẹ̀ kò ṣeé pín sí èyí tó jẹ́ ti òwò àti èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́ aṣojú. Owó tó wà fún bíbójú tó ilé iṣẹ́ aṣojú jẹ́ owó iṣẹ́ ìjọba, bí wọ́n tilẹ̀ máa fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra bébà lọ́la. Àfi bí o bá lè fi hàn pé òwò nìkan ni wọ́n ya akáǹtì náà sọ́tọ̀ fún.

Báwo lo ṣe máa fi ìyẹn hàn? Ìṣòro gidi nìyẹn. Òfin 1978 ní bí aṣojú orílẹ̀-èdè náà bá buwọ́ lu ìwé pé wọn kò lo dúkìá yìí fún òwò, ìwé yẹn tó ẹ̀rí, àfi bí olówó bá mú ẹ̀rí wá tó bì í wó. Olówó kò sì ní àǹfààní láti wo inú ìwé akáǹtì náà. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀: kò yẹ kí ọlọ́pàá ilé ẹjọ́ máa tú ìwé ilé iṣẹ́ aṣojú wò. Síbẹ̀, lójú tèmi, ó wúwo jù fún ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Ẹni tó jẹ gbèsè ló ń jẹ́rìí fún ara rẹ̀.

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, àdéhùn Fìẹ́nà ti 1961 ti sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ ọgbà aṣojú láìgbàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìdáhùn nìyí fún àwọn tó ń bèèrè ohun tó ní kí wọ́n má lọ ta ilé iṣẹ́ aṣojú.

Bàálù àti ilé méjì: kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Zhongshan. Ìjà náà bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbègbè ìṣòwò ọ̀fẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti lé àwọn ará Ṣáínà náà kúrò ní 2016. Ọ̀pọ̀ bèèrè pé báwo ni ìjà Ògùn ṣe di gbèsè Nàìjíríà. Nàìjíríà àti Ṣáínà ní àdéhùn ìdókòwò tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní 2001, lábẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sì ni, ohun tí ìpínlẹ̀ bá ṣe, odidi orílẹ̀-èdè ló ṣe é. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn onílàjà ní kí Nàìjíríà san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 55 dọ́là, yàtọ̀ sí èlé àti owó ẹjọ́. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ṣí. Zhongshan wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá dúkìá kiri ayé.

Ní Liverpool, ó rí ilé méjì tó jẹ́ ti Nàìjíríà. Ta ló ń gbé inú wọn? Ayálégbé. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ aṣojú, kì í ṣe ọ́fíìsì. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n tí a ti ṣe: wọ́n ń fi ilé gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kò bá iṣẹ́ ìjọba dé ibẹ̀, bí onílé èyíkéyìí ṣe ń ṣe. Òwò ni. Ní 2024, ilé ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù gbà kí wọ́n fi àwọn ilé náà dúró fún gbèsè.

Bàálù wá ńkọ́? Òfin Faransé, tí wọ́n tún ṣe ní 2016, ní kí olówó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kó tó fọwọ́ kan dúkìá ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Bí ìjọba kò bá ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, olówó gbọ́dọ̀ fi hàn pé wọ́n ń lo nǹkan náà fún ohun mìíràn yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe òwò. Ṣùgbọ́n adájọ́ máa ń fún un ní àṣẹ yìí láìtíì gbọ́ tẹnu ìjọba, torí bí ìjọba bá gbọ́ ṣáájú, bàálù á ti fò lọ. Èyí ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nígbà tí ìròyìn jáde. Àṣẹ àkọ́kọ́ dà bí ìgbà tí a fi okùn so nǹkan mọ́lẹ̀ ká tó jókòó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ti tà á, kì í sì í ṣe pé adájọ́ ti dájọ́ tán pé ó ṣeé tà. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti wá sọ tirẹ̀ lẹ́yìn náà, Nàìjíríà sì pariwo lójú ẹsẹ̀ pé dúkìá iṣẹ́ ìjọba ni àwọn bàálù náà, ààbò sì wà lórí wọn.

Ẹ wò ó fúnra yín. Bàálù tó ń gbé ààrẹ lọ sí ìpàdé pẹ̀lú ààrẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba pọ́ńbélé ló ń ṣe. Bí wọ́n bá ti jáwọ́ nínú lílò rẹ̀, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa rà á, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bàálù kan náà ni o, ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ló yí padà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Zhongshan fúnra rẹ̀ tú ọ̀kan sílẹ̀, èyí tí ààrẹ fẹ́ lò láti lọ rí ààrẹ Faransé. Wọ́n ní ọwọ́ inú rere ni àwọn nà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo bàálù náà, èyí tí ààrẹ fẹ́ wọ̀ gan-an ló ṣòro jù láti pè ní dúkìá òwò níwájú adájọ́.

Bí ìjọba bá ti kọ̀wé pé òun gbé ààbò òun sílẹ̀ ńkọ́?

Ìwé ni ọ̀nà tó dán jù, bí wọ́n bá kọ ọ́ dáadáa. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí àdéhùn sọ pé, “A gbà kí ilé ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ ẹjọ́ wa,” kí olùtajà sì rò pé ó parí. Òfin Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kedere pé ẹni tó gbà kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun kò tíì gbà kí wọ́n mú dúkìá òun. Ilẹ̀kùn kan ló ṣí. Àdéhùn tó pé gbọ́dọ̀ dárúkọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: pé ìjọba yọ̀ǹda ààbò rẹ̀ lórí ìpẹ̀jọ́, àti pé ó yọ̀ǹda ààbò rẹ̀ lórí gbígbẹ́sẹ̀ lé dúkìá.

Ìyẹn pàápàá ní ibi tó mọ. Ajẹntínà yá owó lọ́wọ́ aráyé, ó kọ̀wé yọ̀ǹda ààbò rẹ̀ láìdárúkọ ọkọ̀ ogun, kò sì lè san gbèsè náà ní 2001. Ilé-iṣẹ́ kan tó ra apá kan gbèsè náà ń lé e kiri. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ọkọ̀ Libertad, ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Ajẹntínà fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọn níṣẹ́, yà sí èbúté Tema ní Gánà. Adájọ́ kan níbẹ̀ wo ìwé ìyọ̀ǹda náà, ó sì dí ọkọ̀ mọ́bẹ̀. Ajẹntínà gbé Gánà lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé tó ń rí sí òfin òkun. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, gbogbo àwọn adájọ́ ibẹ̀ fẹnu kò pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Gánà náà sọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e pé adájọ́ wọn ṣàṣìṣe. Ẹ rántí Exchange ti 1812: ọgọ́rùn-ún méjì ọdún gbáko, ọkọ̀ ogun ṣì jẹ́ ọkọ̀ ogun.

Dúkìá báńkì àpapọ̀ náà wà nínú àwọn tó ṣòro láti mú. Ní 1977 ni Trendtex borí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún kan péré lẹ́yìn náà, òfin Gẹ̀ẹ́sì tuntun ní kí wọ́n má ka dúkìá báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kankan sí dúkìá òwò. Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè máa kó owó wọn wá pa mọ́ sọ́dọ̀ òun, ẹ̀rù wọn kò sì gbọ́dọ̀ bà wọ́n.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí owó sìmẹ́ǹtì?

Trendtex borí ní oṣù Kìíní ọdún 1977, ṣùgbọ́n báńkì tún gbé ẹjọ́ lọ sókè sí i, owó kò sì jáde. Ní gbogbo àkókò yẹn, Trendtex ti wọ gbèsè lọ́rùn lọ́dọ̀ báńkì Suwísálándì tó ń ṣètìlẹ́yìn fún un. Nígbà tó di 1978, ó gbé ẹjọ́ náà fún báńkì yẹn ní iye 800,000 dọ́là. Báńkì tà á fún ẹlòmíràn tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun, ní mílíọ̀nù 1.1 dọ́là. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ẹni yìí àti Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jókòó, wọ́n sì parí rẹ̀ ní mílíọ̀nù 8 dọ́là. Trendtex bínú, ó pe báńkì rẹ̀ lẹ́jọ́ lórí títà náà, ẹjọ́ ọ̀hún sì gùn títí di 1981.